Lẹ́tà Afọwọ́kọ Ọláfimíhàn

Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú àánú wò mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo ṣe é. Ẹni tó bá dé Òkè-Afà, tó béèrè bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Ìyá Diamond, wọ́n á júwe rẹ̀ fún un, wọ́n á sì fi kún un pé obìnrin náà mọṣẹ́, àmọ́ ó máa ń mọ̀ ju ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí oníbàárà bá gbé ìwé wá pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́, mi ò kì í tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí. Màá tún un ṣe ni. Màá yọ èyí tí kò dáa kúrò, màá fi èyí tó dáa sí i, wọ́n á sì dúpẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi jà rí.

Àjíbíkẹ́ lorúkọ mi. Diamond ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Kọ̀ǹpútà méjì ni mo ní, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, sikáànà kan tó ti darúgbó, àti jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń bú. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù mi fi yàtọ̀ ni pé mo gbọ́ Faransé. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé Kútọnu lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, ilé-ìwé wọn ni mo sì lọ. Torí náà, láti Ìsọlọ̀ títí dé Òṣòdì, ẹni tó bá ní ìwé Faransé láti kọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí.

Bí Ọláfimíhàn Abórìṣàdé ṣe di oníbàárà mi nìyẹn. Ará Èjìgbò ni, Èjìgbò ti Ọ̀ṣun o, kì í ṣe èyí tó bá wa pààlà níbí. Bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, kí ìjà ìlú tó lé bàbá rẹ̀ kó gbogbo wọn padà wálé. Yàrá kan ló háyà ní Àpákun. Ní gáréèjì kan ní Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń kó èrò lọ sí Kútọnu àti Lomé, òun ló ń kọ orúkọ èrò sínú ìwé: orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ń lọ, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè bí ọ̀nà bá dàrú. Ọwọ́ ló fi ń kọ gbogbo rẹ̀.

Ọwọ́ ọkùnrin yẹn dára. Àwọn tíṣà Abidjan àtijọ́ ló kọ́ ọ, àwọn tó máa ń fi rúlà na ọmọ níka bí lẹ́tà kan bá ga ju ìkejì rẹ̀ lọ. Lẹ́tà rẹ̀ á so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin, wọn ò ní gun orí ìlà, wọn ò sì ní sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá bodè gan-an máa ń béèrè ẹni tó kọ ọ́. Bí ọkùnrin mìíràn ṣe ń fi bàtà ṣe fáàrí, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni Ọláfimíhàn fi ń ṣe tirẹ̀, kò sì ní nǹkan mìíràn tó lè fi ṣe é.

Àmọ́ gáréèjì ra ẹ̀rọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń kó orúkọ èrò jọ fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé bí oṣù bá parí, kó máa lọ. Kúnbi ìyàwó rẹ̀ kò tiẹ̀ dúró de òpin oṣù. Ó gbé Ethan, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́ta, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ìlaró. Bàbá náà, Pápá Ọláyanjú, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí àna rẹ̀. Ó kàn ní òun ò fẹ́ ẹjọ́ orí fóònù mọ́. Ọjọ́ tí Ọláfimíhàn bá ríṣẹ́, kó kọ lẹ́tà sí òun, kó fọwọ́ sí i, òun á sì fi ọwọ́ ara òun mú Kúnbi àti ọmọ padà wá sí Èkó.

Ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà nìyẹn lọ́jọ́ Wẹ́sìdé tó wọlé tọ̀ mí wá. Ó mú ìkéde iṣẹ́ kan dání, èyí tí awakọ̀ kan bá a mú wá láti Kútọnu. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọlọ́jà kó ẹrù gba bodè ń wá ẹni tí yóò máa kọ ọkọ̀ ẹrù sínú ìwé àkọsílẹ̀ ní bodè. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí èèyàn fi ránṣẹ́: ìmeèlì tó ṣàlàyé ara rẹ̀, CV, àti lẹ́tà afọwọ́kọ tó sọ ìdí tó fi fẹ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Fúráìdé, aago méjìlá ọ̀sán, ni ìgbà yóò kọjá.

Ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. CV rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún un lọ́dún tó kọjá. Ó kọ ìmeèlì tí n óò fi ránṣẹ́ sórí ìdajì bébà. Lẹ́tà ni ó kọ sórí abala funfun méjì, ó sì fi wọ́n sínú nylon kí òógùn má baà kàn wọ́n. Ó ní kí n sikáànì abala méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, kí n so wọ́n mọ́ ìmeèlì pẹ̀lú CV. Páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tí mo ń kọ ti àwọn oníbàárà mi sí, nítorí fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ló ń lò, èmi ni mo máa ń bá a wo ìmeèlì rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ lẹ́tà yẹn o. Ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ rí." Mo ní mo ti gbọ́. Ó sáré padà sí Òṣòdì kí ọ̀gá rẹ̀ má baà mọ̀ pé ó jáde.

Mo ka ìmeèlì náà. Ó mọ́, kò gùn, bí àwọn Faransé ṣe ń fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ láìyí ohunkóhun padà:

*Objet : Candidature au poste d'agent de registre*

*Madame, Monsieur,*

*Votre annonce a retenu toute mon attention. Vous trouverez ci-joints mon CV et ma lettre de motivation manuscrite. Je reste à votre disposition pour un entretien.*

*Je vous prie d'agréer, Madame, Monsieur, mes salutations distinguées.*

*Ọláfimíhàn Abórìṣàdé*

Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé òun rí ìkéde wọn, pé CV òun àti lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí òun fi ọwọ́ kọ wà lẹ́yìn ìmeèlì náà, àti pé ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun ti ṣe tán.

Nígbà tó kan lẹ́tà, mo gbé abala àkọ́kọ́ sórí sikáànà. Sikáànà mi yìí máa ń fa ìlà dúdú kan la àárín ìwé kọjá. Mo wo ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà, inú mi kò dùn sí i. Mo tún ro ó pé ayé wo là ń gbé, tí ọmọ èèyàn ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́? Ní Èkó níbí, bí o bá mú lẹ́tà afọwọ́kọ lọ sí ọ́fíìsì, mẹ́gáàdì ni yóò kọ́kọ́ fi ọ́ ṣe ẹ̀sín. Mo mọ̀ pé ìkéde náà ní kó jẹ́ afọwọ́kọ. Mo gbọ́ Faransé, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé àṣà àtijọ́ ni wọ́n ń dà kọ láti inú ìkéde kan sínú òmíràn, pé kò sẹ́ni tó ń wo ìyẹn mọ́. Mo ní bí wọ́n bá rí lẹ́tà tó mọ́ lólóó, tó dúró dáadáa, inú wọn á dùn, ire ni mo sì ń ṣe fún un.

Mo bá tẹ lẹ́tà náà. Mo tiẹ̀ tún gbólóhùn méjì ṣe. Mo so òun àti CV mọ́ ìmeèlì, mo tẹ ìfiránṣẹ́, ó lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ìmeèlì tí mo fi ránṣẹ́ ṣì ń sọ pé afọwọ́kọ ni lẹ́tà tó wà lẹ́yìn òun. Abala bébà méjèèjì, mo jù wọ́n sínú páálí tí mo ń kó ìwé tí kò wúlò sí. Láràárọ̀ Tọ́sìdé ni Lateefah tó ń ta ẹ̀pà sísun níwájú ṣọ́ọ̀bù máa ń wá kó páálí náà, ó fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ Fúráìdé, nígbà tó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méjìlá lù, mo ṣí ìmeèlì Ọláfimíhàn. Èsì ti wà níbẹ̀ láti àná. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà ló kọ ọ́, obìnrin kan tó ní sùúrù. Ó ní àwọn rí CV, ó sì wu àwọn. Ó ní ìmeèlì sọ pé lẹ́tà afọwọ́kọ ló wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a tẹ̀ ni àwọn bá níbẹ̀. Ó ní bóyá àṣìṣe ni. Kó jọ̀wọ́ fi èyí tó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ kí ìgbà tó kọjá, nítorí iṣẹ́ náà kò ní kọ̀ǹpútà nínú, ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Mo pe fóònù rẹ̀, ó ti kú. Mo pe Felix, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Felix ní wọ́n ti rán an tẹ̀lé ọkọ̀ kan lọ sí Ìbàdàn láti ìdájí, pé ọjọ́ méjì ni kò ti sí iná ní Àpákun, kò rí fóònù rẹ̀ gba iná. Ìrọ̀lẹ́ ló máa dé.

Mo sáré bá Lateefah. Ó wo ojú mi, kò béèrè ọ̀rọ̀, ó da gbogbo ìwé tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún mi. Abala kan ṣoṣo ni mo rí, ó ti ya sí méjì, ó sì ti fi í pọ́n ẹ̀pà fún ẹnìkan tí kò rà á mọ́. Epo ẹ̀pà ti gba inú rẹ̀ wọlé, àmọ́ ọwọ́ Ọláfimíhàn ṣì hàn níbẹ̀, lẹ́tà tó so mọ́ra, tó dúró lórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé ní àpéjọ àárọ̀. Abala kejì ti bá oníbàárà kan lọ. Lateefah ní òun ò mọ̀ pé ó ní láárí. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ibi tí mo ti yẹ kí n dúró nìyẹn. Mo yẹ kí n kọ ìmeèlì sí akọ̀wé náà, kí n sọ pé èmi ni mo tẹ lẹ́tà náà, pé kó fún ọkùnrin náà títí di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tó ní sùúrù ni, ó ṣeé ṣe kó gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, ẹnu mi kò sì gba ìjẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo mú abala funfun, mo mú bíírò, mo jókòó, mo sì fi ọwọ́ ara mi da lẹ́tà náà kọ láti ojú kọ̀ǹpútà. Mo gbìyànjú kí lẹ́tà mi so mọ́ra bíi tirẹ̀. Ọwọ́ mi kò burú, òun ni mo fi kọ iye tí mò ń gbà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ̀. Mo sikáànì rẹ̀ tòun ti ìlà dúdú, mo so ó mọ́ ìmeèlì, mo bẹ̀bẹ̀ fún àṣìṣe, mo fi ránṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Nígbà tí Ọláfimíhàn dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi fóònù Felix pè mí. Ó ní Felix sọ pé mo wá òun. Mo ní kò sí nǹkan, pé mo kàn fẹ́ sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ti lọ ni.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, èmi ni mo pè é. Ó fi gáréèjì sílẹ̀ ó sáré dé, ó ní kí n kà á fún òun, kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú àwọn oníbàárà, ọkùnrin ọmọ ogójì ọdún ó dín mẹ́ta. Ó ní ọwọ́ mi tutù. Ó ní Ọlọ́run ló fi mí ṣe àǹtí fún òun. Ibẹ̀ ló dúró sí tó fi fóònù mi pe Kúnbi, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ kékeré lẹ́yìn tó ń pe bàbá rẹ̀. Ó sọ fún Kúnbi pé bí òun bá ti ń bọ̀ láti Kútọnu, òun á yà sí Ìlaró.

Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ni ǹ bá ti la ẹnu? Mo ti wá a tì láti ọjọ́ náà. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ ni? Nígbà tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni? Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti rí lẹ́tà, wọ́n ti pè é, ọ̀rọ̀ ti parí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi lẹ́tà ṣe? Mo bá a yá kóòtù lọ́wọ́ ọkọ Lateefah. Mo kọ́ ọ ní bí yóò ṣe kí wọn, bí ẹni pé kò gbọ́ Faransé jù mí lọ. Ìgbéraga mi ò tíì tán.

Ọjọ́ Túsìdé ló lọ. Wẹ́sìdé, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Àárọ̀ Tọ́sìdé ni mo gbé ojú sókè tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, kóòtù náà wà lápá rẹ̀, wọ́n ti ká a dáadáa. Ó kí mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó kọjú sí ògiri. Ó jókòó pẹ́ níbẹ̀, ó ń wo ìwé iye owó tí mo lẹ̀ mọ́ ọn. Mo béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ó ní ọ̀nà dáa.

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́, láìgbé ohùn sókè. Ó ní èèyàn mẹ́ta ló bá òun sọ̀rọ̀, wọ́n bu ọlá fún òun, ara wọn yá mọ́ òun. Wọ́n béèrè ti Abidjan, wọ́n béèrè ti gáréèjì. Òun dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn fún òun ní bébà àti bíírò, ó ní kí òun kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí òun bá fẹ́, pé gbogbo ẹni tó wá ni wọ́n ń ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Inú òun dùn débi pé ojú ìwé kan gbáko ni òun kọ. Ọ̀gá náà gbé e wò, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí irú ọwọ́ yìí gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló gbé lẹ́tà kan jáde nínú fáìlì, tó fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó béèrè pé ta ló kọ èyí.

"Mo ní mi ò mọ̀," Ọláfimíhàn sọ. "Òótọ́ ni mo sọ, Àǹtí. Mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan sì ti fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé tó wà ní bodè yẹn, ẹ̀rí ni níwájú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ọkọ̀ kan bá sọnù, ọwọ́ tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ sí ìwé ní orúkọ rẹ̀ kó tó débi iṣẹ́, kí ni àwọn yóò máa retí lẹ́yìn náà? Ó ní ká ní ojú ìwé tó kọ níwájú àwọn yìí ló fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ì bá má sídìí láti pe ẹlòmíràn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé tó ní sùúrù ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ní òun kò yà ní Ìlaró. Ọkọ̀ tí òun wọ̀ gba ibi tí wọ́n ti ń yà sí ìlú náà kọjá, òun rí i láti ojú fèrèsé. Lálẹ́ àná ni òun fi gbogbo òru ro ẹni tó ni ọwọ́ náà, kò sì yé òun. Ìsinsìnyí tí òun jókòó síbí ni òun rí ọwọ́ náà lára ògiri.

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo jù ú lọ pẹ̀lú ọdún mẹ́wàá, mo kúnlẹ̀ fún un. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ìlà dúdú sikáànà títí dé orí ẹ̀pà Lateefah. Mo fẹ́ sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Agbè ti fọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ̀wé sí wọn, kí n gba ẹ̀bi náà sórí. Ó mi orí. Ó ní wọ́n ti mú ẹlòmíràn, akọ̀wé náà ti sọ fún òun lẹ́nu ọ̀nà kí òun má baà máa retí.

"Lẹ́tà tèmi ńkọ́?" ló béèrè.

Mo mú abala tó ṣẹ́kù jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo ti fi sẹ́lótéèpù so ó pọ̀, mo tọ́jú rẹ̀ sínú nylon tó gbé e wá. Ó gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ tó kọ fúnra rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé yóò dìde, pé yóò lọ, pé mi ò ní rí i mọ́. Ì bá sàn fún mi.

Ó ní òun níṣẹ́ kan tí òun fẹ́ kí n bá òun ṣe. Pápá Ọláyanjú ń retí lẹ́tà. Kúnbi ti sọ fún un pé lẹ́tà náà ń bọ̀. Mo na bébà àti bíírò sí i. Kò gbà á.

"Rárá," ó ní, "ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo padà sórí àga mi. Ó ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó kí Pápá, ó kí Màmá. Ó ní òun kò rí iṣẹ́ náà gbà, òun kò sì mọ ìgbà tí òun yóò rí òmíràn. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Kúnbi máa dúró de òun mọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ́ Ethan ní ìwé kíkọ dáadáa, kí wọ́n má na ọmọ náà níka. Mi ò yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Nígbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rìnlá, mo tẹ odidi lẹ́tà oníbàárà bó ṣe sọ ọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e fún un. Ó kà á, ó ní ó dáa. Ó gbé e padà sórí tábìlì níwájú mi, ó fi ìka kan àyè tó ṣófo nísàlẹ̀, lókè orúkọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, Àǹtí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n fọwọ́ sí."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ìbínú wà níbẹ̀, kí n lè bẹ̀ ẹ́. Kò sí ìbínú. Àárẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń dúró dè mí bí oníbàárà yòówù ṣe ń dúró. Lẹ́nu ọ̀nà, Lateefah ti dé láti wá kó páálí ìwé. Mo mú bíírò, mo sì fọwọ́ sí i.